Owó ìfowóránṣẹ́ onípele ní Nàìjíríà

Owó ìfowóránṣẹ́ onípele ni owó iṣẹ́ tí báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ orí fóònù ń yọ lọ́wọ́ ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì báńkì mìíràn. Owó yìí kì í gòkè díẹ̀díẹ̀ bí iye tí à ń fi ránṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i. Ojú kan náà ló máa ń dúró sí títí yóò fi dé ààlà kan, yóò sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020 ṣe ìpele mẹ́ta: ₦10 fún owó tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 fún èyí tó lé ní ₦5,000 títí dé ₦50,000, àti ₦50 fún èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ orí fóònù mìíràn máa ń gba iye tó kéré sí i.

Ìjọba tún ń gba owó orí ọjà, èyí tó máa ń hàn lójú fóònù bíi VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí owó iṣẹ́ náà nìkan ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí owó tí a fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ohun tó ń jáde gan-an ni ₦10.75, ₦26.88 tàbí ₦53.75.

Ibi ààlà ni ìpele ti máa ń jọ ènìyàn lójú. Ẹni tó fi ₦50,000 ránṣẹ́ san ₦26.88; ẹni tó fi ₦50,001 ránṣẹ́ san ₦53.75, náírà kan péré ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ kéré ló ń ru ẹrù tó wúwo jù: ₦100 tí a fi ránṣẹ́ ń ná ènìyàn ní ₦10.75, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, nígbà tí mílíọ̀nù kan náírà kò ná ẹni tó ni ín ju ₦53.75 lọ.

Gbogbo èyí kò kan ẹni tó gba owó. Iye tí a tẹ̀ lójú fóònù ló ń wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ láìdín. Ohun tó máa ń dín in kù tẹ́lẹ̀ ni owó ìjọba tí wọ́n ń pè ní EMTL, tí òfin ìṣúná ọdún 2020 gbé kalẹ̀: ₦50 lórí owó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó yìí kò ní ìpele lẹ́yìn ààlà kan ṣoṣo yẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni OPay, Moniepoint àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń yọ ọ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Òfin owó orí ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026, sọ ọ́ di owó òǹtẹ̀, ó sì gbé e kúrò lọ́rùn ẹni tó gbà á sí ọrùn ẹni tó fi ránṣẹ́. Owó oṣù kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí ènìyàn gbé láti àkáǹtì ara rẹ̀ kan sí òmíràn nínú báńkì kan náà.

Ká ní ọmọ kan ní Ìbàdàn fi ₦60,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, ₦60,053.75 ló kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Ìyá rí áláàtì ₦60,000, lẹ́yìn náà áláàtì mìíràn tó ń sọ pé ₦50 ti jáde, ó wá ku ₦59,950. Lábẹ́ ìlànà tuntun, ₦60,103.75 ni ọmọ yóò san, ₦60,000 ìyá yóò sì pé. Bó bá jẹ́ pé ₦60,000 géérégé ló wà nínú àkáǹtì ọmọ, fóònù yóò sọ pé owó kò tó. Iye tó pọ̀ jù tó lè fi ránṣẹ́ ni ₦59,896.25.

Ṣùgbọ́n owó tó wà nínú àkáǹtì kọ́ ni owó ọwọ́. Ìyá náà yóò lọ sọ́dọ̀ oní-POS, tí òun pẹ̀lú ní ìpele tirẹ̀, èyí tó ń yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò, tó sì máa ń gbówó lórí nígbà tí owó bá wọ́n. Bí ó bá ń gba ₦100 lórí ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, ₦1,200 ni yóò yọ, ₦58,800 ni ìyá yóò sì kà sọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ₦60,000 pé lọ́wọ́ ìyá gan-an ní láti fi ₦61,200 ránṣẹ́.

Àwọn kan máa ń pín owó sí méjì kí wọ́n lè bọ́ lábẹ́ ààlà. Ó wúlò fún ₦10,000: lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó iṣẹ́ àti owó òǹtẹ̀ jẹ́ ₦76.88, bí a bá pín in sí ₦5,000 lọ́nà méjì, ₦21.50 péré ni, torí owó òǹtẹ̀ ti yẹ̀. Fún ₦60,000, kò sí èrè níbẹ̀. ₦50,000 àti ₦10,000 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò gba ₦53.76 owó iṣẹ́, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, owó òǹtẹ̀ yóò sì di méjì.