Kì í ṣe gbogbo òdo inú àdírẹ́sì IPv6 ló ṣeé yọ

IPv6 ni ìlànà àdírẹ́sì tuntun tí àwọn ẹ̀rọ fi ń rí ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé òdo kò níṣẹ́ kankan nínú rẹ̀, pé ibi tí wọ́n bá ti rí i ni kí wọ́n ti yọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo àdírẹ́sì yìí ní kíkún:

```
2001:0db8:0000:0000:0a00:0000:0000:0010
```

Apá mẹ́jọ ni, àmì kólọ́ọ̀nù ló pín wọn. Apá kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́rin, láti 0 dé 9 tàbí a dé f, bíìtì mẹ́rin sì ni àmì kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíìtì 128.

Òdo tó wà níwájú apá nìkan ni òfin gbà ká yọ. 0db8 á di db8, 0010 á di 10, 0000 á sì di 0. Òdo àárín àti ti ẹ̀yìn ò ṣeé fọwọ́ kàn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yọ òdo 50 ṣe sọ ọ́ di 5. Ibi 0a00 gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. a00 ló yẹ kó dà. Ẹni tó bá kọ a lásán, 000a ló kọ yẹn. Kọ̀ǹpútà ò ní kọ̀ ọ́, torí pé àdírẹ́sì tó bófin mu ni, àmọ́ ti ibòmíràn ni. Ohun tí ẹni náà máa rí ò ju pé ping, àṣẹ tá a fi ń wò ó bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn, ò mú èsì wá, á wá máa wá àṣìṣe kiri ara wáyà.

Òfin kejì ni ti `::`, tó dúró fún àwọn apá 0 tó tò tẹ̀ léra. Ẹ̀ẹ̀kan péré la lè lò ó. Bí a bá kọ `2001:db8::a00::10`, apá mẹ́rin la rí, mẹ́rin ló sì kù. Ṣé ọ̀kan ló wà lápá òsì tí mẹ́ta wà lápá ọ̀tún ni, àbí méjì méjì, àbí mẹ́ta àti ọ̀kan? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi máa ń kọ̀ ọ́. Níbi tí ọ̀wọ́ òdo méjì bá gùn dọ́gba, bíi ti èyí, RFC 5952, ìwé ìlànà ọdún 2010 lórí bí a ṣe ń kọ àdírẹ́sì IPv6, ní kí á gé ti òsì: `2001:db8::a00:0:0:10`. Ẹ lè fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò:

```
python3 -c "import ipaddress; print(ipaddress.ip_address('2001:db8::a00:0:0:10').exploded)"
```

Gígùn bíìtì 128 yìí ló mú kí òfin ìgékúrú pọn dandan, ohun tó sì fà á tó fi gùn bẹ́ẹ̀ ni pé bíìtì 32 tí IPv4, ìlànà àtijọ́, ní kò tó mọ́. Àdírẹ́sì bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ ló lè gbé, àwọn ìpín ńlá tó gbẹ̀yìn nínú àpò IANA, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ayé, sì tán ní oṣù kejì ọdún 2011. Kó tó di ìgbà náà pàápàá, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń pín àdírẹ́sì kan ṣoṣo lò. IPv6 ń gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ṣì jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì lè pẹ́ kí IPv4 tó kógbá sílé.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fáìlì tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé. Sọ́fítíwíà kan lè kọ àdírẹ́sì kan náà ní kíkún, kí òmíràn gé e kúrú. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wá èkejì bí ọ̀rọ̀ lásán ò ní rí i, á sì rò pé ẹnikẹ́ni ò wọlé. Ẹ sọ méjèèjì di kíkún kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra.