“Mi Ò Mọ̀ọ́mọ̀, Bíríkìlà Ló Ṣe É”: Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Yìí Kò Fi Gba Aláró Lọ́wọ́ Ẹjọ́

Bí omi aró bá ti inú kòtò ẹnìkan ṣàn wọ ọgbà ẹlòmíì ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé: “Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Bíríkìlà ni mo sanwó fún, òjò ló sì wó o. Kí ni mo wá fẹ́ san?” Àwọn tó dúró síbẹ̀ á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó jọ òtítọ́, torí ó ti mọ́ wa lára pé ẹni tó jáfara ni ẹ̀bi ń bá. Ṣùgbọ́n tó bá kan irú omi bẹ́ẹ̀, òfin kì í béèrè bóyá ẹni tó ni ín jáfara. Nítorí ìgbàgbọ́ òdì yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gba “ẹ pẹ̀lẹ́” lásán nígbà tí owó gbà-máà-bínú tọ́ sí wọn.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti gbọ́ òfin yìí fìrífìrí, tí wọ́n wá rò pé gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ aládùúgbò wá, ìbáà ṣe ariwo, ìbáà ṣe èéfín, ni wọ́n lè fi í mú. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ sì yàtọ̀.

Ká mú ọ̀ràn kan tí a ro fún àpẹẹrẹ. Ìyá kan ń ṣe àdìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ní agbègbè Ìtọ́kú. Ó ní kòtò oníṣìmẹ́ǹtì kan tó gba nǹkan bí dírọ́ọ̀mù 20, ìyẹn bíi lítà 4,000, níbi tó ń da omi aró tó ti lò sí, pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti haidirósù, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po aró, tó wà nínú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkè náà, bàbá kan ń sin ẹja àrọ̀ 500 nínú adágún oníbúlọ́ọ̀kù, ó sì ní kànga. Ẹ sì mọ bí ilẹ̀ Abẹ́òkúta ṣe rí: àpáta wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ dagun, omi kì í tètè rì. Ohunkóhun tó bá dà lókè, ìsàlẹ̀ ló ń wá.

Fún oṣù mẹ́jọ ni òórùn haidirósù, tó ń ta bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, ti ń wọlé bàbá yìí ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, òjò rọ̀, ògiri kòtò là, omi aró sì ṣàn wá sísàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹja 460 ti yíkùn sókè. Omi kànga ti di búlúù.

Ẹ̀sùn méjì ni bàbá yìí ní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òórùn. Èyí ni àwọn amòfin ń pè ní ìyọlẹ́nu aládùúgbò: kí ẹnìkan máa lo ilẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó wà nítòsí kò fi lè gbádùn tirẹ̀. Adájọ́ kò ní dá ìyá lẹ́bi kìkì nítorí pé òórùn wà. Yóò wọ̀n ọ́n wò: báwo ló ṣe le tó? Ìgbà mélòó lọ́sẹ̀? Aago mélòó? Irú àdúgbò wo ni? Òórùn tí ènìyàn lè fara dà ní Ìtọ́kú, níbi tí iṣẹ́ aró ti gbilẹ̀, lè jẹ́ ìyọlẹ́nu gidi ní Ìbarà, níbi tí àwọn èèyàn ń gbé jẹ́jẹ́. Ní ọdún 1970, nínú ẹjọ́ Abíọ́lá àti Ìjọmà, ilé ẹjọ́ ní Èkó dá ẹni tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé ní Súrùlérè lẹ́bi, torí ariwo adìyẹ kì í jẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ sùn, òórùn ilé adìyẹ sì ń rìn ín. Àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé ni, ìyẹn sì wúwo nínú ìdájọ́.

Torí náà, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni ẹ̀rí tó dára jù fún òórùn: ọjọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó dáwọ́ dúró, ohun tó dí wọn lọ́wọ́, àti ta ló tún gbọ́ ọ. Bàbá tó wá sọ pé “ojoojúmọ́ ni” láìní àkọsílẹ̀ kankan máa ń tàsé nígbà tí lọ́yà kejì bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ohun kan tún wà tí ìyá aláró lè fẹ́ gbára lé, pé òun ló kọ́kọ́ dé àdúgbò. Kò gbà á. Láti ọdún 1879, nínú ẹjọ́ Sturges àti Bridgman, ni ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di mímọ̀ pé ẹni tó wá bá ìyọlẹ́nu lè pẹjọ́ lórí rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ẹ̀sùn òórùn yìí, ìyá ṣì lè jàre. Bó bá fi hàn pé ìwọ̀nba ni, pé òun ti ń bo ìkòkò aró, pé òun kì í ṣe é ní òru, adájọ́ lè sọ pé kí aládùúgbò ní ìfaradà.

Nínú ẹ̀sùn omi, ìfaradà kò sí níbẹ̀ rárá. Inú ọ̀ràn kan tó jọ ti Ìtọ́kú yìí gan-an ni òfin tó dá lé èyí ti wá. Ní Lancashire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rylands gba àwọn òṣìṣẹ́ láti ṣe adágún omi fún ilé iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà bá àwọn ihò awakùsà àtijọ́ níbẹ̀, wọn kò dí wọn dáadáa. Ní oṣù Kejìlá 1860, omi gba inú ihò náà já sínú ibi tí Fletcher ti ń wa èédú. Rylands fúnra rẹ̀ kò jáfara. Kò mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Síbẹ̀, Adájọ́ Blackburn ní 1866, àti ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní 1868, sọ pé kó sanwó: ẹni tó bá fún àǹfààní ara rẹ̀ kó ohun tó lè ṣeni níbi bó bá jáde jọ sórí ilẹ̀ rẹ̀, òun ni yóò dè é mọ́lẹ̀. Bó bá jáde, òun ló ru ú. Nítorí náà ni “bíríkìlà ló ṣe é” kò fi lè gba ìyá aláró sílẹ̀. Ó lè padà lọ bá bíríkìlà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Ti bàbá ẹlẹ́ja kọ́.

Ohun mẹ́rin ni bàbá yóò fi hàn. Àkọ́kọ́, pé ìyá ló kó nǹkan náà jọ síbẹ̀. Ìkejì, pé lílò tó yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́ ni. Ìyá lè ní, “Àdìrẹ ni iṣẹ́ gbogbo wa níbí, kí ló yàtọ̀ níbẹ̀?” Àwíjàre yìí lágbára lójú, ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ omi Cambridge ní 1994, àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà pé kẹ́míkà púpọ̀ tí ilé iṣẹ́ awọ kan kó pamọ́ di lílò lásán nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ níbẹ̀. Iye tó wà níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì: báfù aró kan nínú ọgbà kò jọ lítà 4,000 omi kọ́sítíìkì. Páìpù omi ẹ̀rọ inú ilé tó bẹ́ kò sì sí lára rẹ̀ rárá.

Ìkẹta, pé nǹkan náà kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń kú sí nìyí. Bí kọ́sítíìkì bá jó ọmọṣẹ́ ìyá lẹ́sẹ̀ nínú ọgbà ìyá fúnra rẹ̀, nǹkan kan kò jáde. Ẹ̀sùn àìbìkítà, ìyẹn pé ìyá jáfara, ni ọmọṣẹ́ yóò gbé lọ. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere ní 1975, nínú ẹjọ́ Umudje àti Shell-BP. Ìdọ̀tí epo tí ilé iṣẹ́ náà kó jọ ṣàn wọ inú omi ẹja àwọn ará ibẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì jẹbi, láìwo bóyá ó jáfara. Ṣùgbọ́n ti odò tí wọ́n dí kò sí lábẹ́ òfin yìí, torí kò sí ohun tí wọ́n kó jọ tó jáde. Ilé iṣẹ́ kan náà, ilẹ̀ kan náà, ìdájọ́ méjì.

Ìkẹrin, pé irú òfò náà ṣeé rí tẹ́lẹ̀. Èyí kò nira níhìn-ín. Gbogbo aláró ló mọ̀ pé kọ́sítíìkì ń bó ọwọ́. Kò sí bó ṣe lè ní òun kò mọ̀ pé yóò pa ẹja.

Òjò wá ńkọ́? Lóòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run jẹ́ àwíjàre, ó sì ti gba ẹnìkan sílẹ̀ rí, ní 1876, lórí òjò tí kò sí ẹni tó rántí irú rẹ̀. Àmọ́ òjò oṣù Keje ní Abẹ́òkúta kì í ṣe àjèjì. Omi ya wọ inú ìlú yìí ní oṣù Keje 2018, gbogbo ayé ló gbọ́. Ẹni tó bá ṣe kòtò tí kò lè gba irú òjò bẹ́ẹ̀ yóò ṣòro fún láti sọ pé òun kò retí rẹ̀. Ohun tó lè gba ìyá ni bí àjèjì kan bá dédé wá fọ́ ògiri náà, tàbí bí bàbá fúnra rẹ̀ bá gbẹ́ ìdí ògiri títí ó fi là.

Ẹ̀rí omi kò dúró de ẹnikẹ́ni, òjò kejì á fọ̀ ọ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí bàbá ti bu omi sínú ìgò mẹ́ta tó mọ́: ọ̀kan láti inú ohun tó ṣẹ́kù nínú kòtò, bí wọ́n bá gbà á láyè, ọ̀kan láti ojú ọ̀nà tó gbà ṣàn, ọ̀kan láti inú adágún. Kó kọ ọjọ́ àti aago sí wọn lára níṣojú ẹlẹ́rìí, kó sì gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Omi tó mọ́ máa ń wà nítòsí 7 lórí ìwọ̀n pH, èyí tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí bóyá ó ta bíi kọ́sítíìkì. Tó bá ti dé 11, ẹja kò lè yè é. Bí ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi kọ́sítíìkì àti aró kan náà hàn, ọ̀nà tí omi gbà ti sọ ara rẹ̀. Kó ya fọ́tò ògiri tó là àti ẹja tó kú kó tó sin wọ́n, kó sì kó rìsíìtì ọmọ ẹja àti oúnjẹ wọn jọ, torí iye owó tó bèèrè gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀.

Bó bá dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, kó jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀sùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìwé kan náà, kí wọ́n sì fi àìbìkítà ṣe ìkẹta bí ẹ̀rí rẹ̀ bá wà. Owó ẹja 460 àti owó fífọ kànga wà lábẹ́ omi tó ṣàn. Lábẹ́ òórùn, ohun tó yẹ kó béèrè jù ni àṣẹ ilé ẹjọ́ pé kí ìyá má ṣe po haidirósù lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kó sì bo kòtò rẹ̀.