Ewu àrá ní ìta gbangba àti ìdí tí abẹ́ igi kò fi jẹ́ ibi ìsádi

Mànàmáná ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí, àrá ni ariwo tí etí gbọ́, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Yorùbá a máa sọ pé "àrá sán pa á", bẹ́ẹ̀ iná tó ti ojú ọ̀run já wálẹ̀ ló ń pani. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ewu náà fún ẹni tó wà ní ìta, pàápàá ẹni tó wà lóko ní agbègbè Ìlọrin àti gúúsù Kwárà, níbi tí ilé lè jìnnà tí igi sì máa ń wà nítòsí.

Igi tó dá dúró láàrin oko

Ilẹ̀ ọ̀dàn ló yí Ìlọrin ká. Bí àgbẹ̀ ibẹ̀ bá ń ṣán oko, kì í gé igi ẹmi nítorí òrí, kì í sì í gé igi igbá nítorí irú. Ó máa ń dá wọn sí ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí igi ńlá kan ṣoṣo láàrin oko ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo, tó ga ju gbogbo ohun tó yí i ká lọ. Igi mángòrò ló máa ń wà létí abà ní tirẹ̀. Abẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí, ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ nígbà tí òjò bá ṣú.

Gíga igi náà ni ìṣòro àkọ́kọ́. Iná tó ń bọ̀ láti inú ìkúùkù kì í já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele ìpele ló ń sọ̀kalẹ̀, kò sì "mọ" ibi tó ń lọ títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Nígbà náà ni iná kéékèèké ń gòkè lọ pàdé rẹ̀ láti ara àwọn ohun tó yọ sókè. Èyí tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ni àrá yóò bá, igi tó ga jù lágbègbè náà ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ìṣòro kejì ni pé igi kì í gbé iná dáadáa. Omi inú rẹ̀ ló ń gbé e díẹ̀, ooru iná náà sì lè sọ omi yìí di ooru omi lójijì, tí èèpo igi yóò fi bó tàbí kí igi là sí méjì. Ara ènìyàn, tó kún fún omi àti iyọ̀, rọrùn fún iná láti gbà kọjá ju igi lọ. Nítorí náà, bí iná bá ti dé ibi tó tó orí ẹni tó dúró sí ìdí igi, ó lè fi igi sílẹ̀, kó fò gba afẹ́fẹ́ kọjá sára onítọ̀hún, kó sì gba ibẹ̀ wọlẹ̀. Kò dìgbà tí ènìyàn bá fara ti igi. Ẹni tó fara tì í kàn tún mú kí ọ̀nà yá fún iná ni. Bí ènìyàn mẹ́rin bá fún ara wọn pọ̀ sábẹ́ igi, iná lè fò láti ara ẹnì kan sí ara ẹnì kejì.

Iná tó gba ilẹ̀ kọjá

Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn. Bí iná bá dé gbòǹgbò igi, kò tíì tán. Ó ń tàn káàkiri nínú ilẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń dín kù bó ṣe ń jìnnà sí igi. Ẹni tó la ẹsẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan níbi tí agbára ti pọ̀, ó sì ní èkejì níbi tí agbára ti kéré. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń ti iná gba ẹsẹ̀ kan wọlé, gba èkejì jáde.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní àrá tó ní 30,000 ámpíà bá igi ẹmi kan, kí iná sì tàn ká bákan náà nínú ilẹ̀ tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 500 óòmù-mítà. Ẹni tó dúró ní mítà 3 sí igi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi ìdajì mítà jìnnà síra, yóò ní nǹkan bí 114,000 fóltì láàrin ẹsẹ̀ kan àti èkejì. Ní mítà 10, yóò ti já sí nǹkan bí 11,000. Ní mítà 30, kò ju bí 1,300 lọ. Ìdá bíńtín nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo rẹ̀ fi ń wáyé, ṣùgbọ́n ó tó láti ṣeni léṣe. Ilẹ̀ gidi kì í sì í ṣe bákan náà níbi gbogbo: yangí, àpáta àti gbòǹgbò lè darí iná gba ibi kan ju ibòmíràn lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi mítà 30 ṣe ààlà ààbò. Ohun tí ìṣirò náà fi hàn ni pé ìdí igi burú ju ìta gbangba lọ fíìfíì, àti pé ẹsẹ̀ tó wà papọ̀ sàn ju ẹsẹ̀ tó là lọ.

Màlúù ló ń jìyà èyí jù. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sí ti ẹ̀yìn lè tó mítà kan ààbọ̀, àyà rẹ̀ tí ọkàn wà sì wà ní ojú ọ̀nà iná náà gan-an. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, màlúù 36 kú pọ̀ lórí Òkè Ọ̀wá ní Ìjàrẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan ní ìbínú òkè náà ni, nítorí ibi ọ̀wọ̀ ni. Kò pọn dandan kí iná ti bá màlúù kọ̀ọ̀kan lórí kí iye tó pọ̀ báyẹn tó lè kú. Iná inú ilẹ̀ nìkan tó láti ṣe é.

Ìgbà tó yẹ kí ènìyàn kúrò lóko

Òjò Ìlọrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó sì ń lọ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ìjì alárá pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò náà. Apá ìlà oòrùn ni èyí tó le jù sábà ti ń wá, ní ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́: ojú ọ̀run a ṣú, atẹ́gùn tútù a gbé eruku, lẹ́yìn náà ni òjò a dé. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò gan-an ni ìkórè kájú ń parí.

Ìmọ́lẹ̀ máa ń dé kíá, ariwo ni kì í tètè dé. Ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó rin kìlómítà kan. Ẹni tó rí mànàmáná, tó ka 15 kí àrá tó dún, mọ̀ pé ó wà ní kìlómítà 5. Ká ní obìnrin kan ń ṣa kájú nínú oko kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ilé tó súnmọ́ ọn jù sì wà ní kìlómítà 2. Bí ìjì bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 6 ni yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin náà yóò gba ìṣẹ́jú 24. Kódà bó bá ka 30, tí àrá ṣì wà ní kìlómítà 10, ìṣẹ́jú 12 péré ló ní, ìdajì ọ̀nà ni yóò sì dé. Ìdí rèé tí òfin "ka 30 kí o tó sá", ìyẹn pé kí ènìyàn sá bí kíkà láti mànàmáná sí àrá kò bá ju 30 lọ, kò fi tó fún àgbẹ̀, bó tilẹ̀ dára fún pápá bọ́ọ̀lù tí ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ilé jìnnà sí gbọ́dọ̀ gbéra nígbà tí apá ìlà oòrùn bá ti ṣú. Ẹni tó bá ti gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ti wà níbi tí iná lè dé, nítorí mànàmáná lè já sí ibi tí òjò kò tíì dé rárá.

Lẹ́yìn tí àrá bá dún kẹ́yìn, ìṣẹ́jú 30 ni kí a fi dúró kí a tó padà síta. Òjò tó dá kò túmọ̀ sí pé iná ti tán.

Ibi tó gbani àti ibi tí kò gbani

Ilé tó ní ògiri àti òrùlé, bí ilé ìwé tàbí ilé gbígbé, dára, bí a bá jìnnà sí fèrèsé, ẹ̀rọ omi àti ohun tó so mọ́ wáyà iná. Mọ́tò onírin tó ní òrùlé náà dára bí a bá ti fèrèsé rẹ̀. Táyà kọ́ ló ń gbà á là. Irin ara ọkọ̀ ló ń gbé iná gba ẹ̀gbẹ́ wọlẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀kadà kò gbani, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ṣí sílẹ̀ kò gbani, bàtà rọ́bà kò sì dá nǹkan kan dúró. Ahéré tó dúró lórí òpó, yálà koríko ni wọ́n fi bò ó tàbí páànù, kò sàn ju igi lọ púpọ̀: ó ń gbani lọ́wọ́ òjò, kì í gbani lọ́wọ́ iná.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé fóònù ń fa àrá mọ́ra kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ́ tí a gbé lé èjìká tàbí agbòjò tí a gbé sókè ló yẹ ká sọ̀ kalẹ̀, nítorí ó ń fi kún gíga ẹni.

Bí kò bá sí ilé tàbí mọ́tò, kò sí ibi tó ní ààbò pátápátá. Ibi tí ewu ti kéré sí i la lè wá. Kí ènìyàn kúrò lórí òkè àti ní gbangba tó tẹ́jú, kó jìnnà sí igi tó dá wà, ó kéré tán ìlọ́po méjì gíga igi náà, àti sí ọgbà oníwáyà. Oko kájú tí igi rẹ̀ ga bákan náà sàn ju abẹ́ igi ẹmi kan ṣoṣo lọ, ṣùgbọ́n kí a má dúró ti ìdí èyíkéyìí. Bí a bá pọ̀, ká fi mítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà síra, kí ẹlòmíràn lè wà láti ran ẹni tí àrá bá bá lọ́wọ́. A kì í dùbúlẹ̀ gbalaja. Lílóṣòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ papọ̀ ń dín iná ilẹ̀ kù, kì í dá èyí tó ti òkè wá dúró. Bí a bá lè máa rìn lọ sílé, rírìn náà ló sàn. Òjò tó pani lórí ń ba aṣọ jẹ́ nìkan ni.

Ẹni tí àrá bá

Nínú àṣà Yorùbá, òkú ẹni tí àrá pa jẹ́ ti àwọn olùsìn Ṣàngó. Magbà, àlùfáà Ṣàngó, ló ń ṣe ètùtù rẹ̀, ẹlòmíràn kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó dà bí òkú lè má tíì kú. Ọ̀pọ̀ tí àrá bá ń yè. Kò sí iná kankan tó kù lára wọn, kò sí ohun tó lè ṣe ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọkàn àti èémí tó dúró ló sábà máa ń pa ẹni tí àrá bá. Ọkàn lè tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èémí ń pẹ́ jù ú lọ, bí kò bá sì sí ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọkàn yóò tún dúró lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí èyí, bí àrá bá bá ènìyàn púpọ̀, ẹni tí kò mí ni a kọ́kọ́ ń tọ́jú. Ẹni tó ń ké lè dúró. Kí a gbé ẹni tí kò mí náà kúrò níbi ewu, kí a tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan, kí a sì fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìtẹ̀ 30, títí yóò fi mí tàbí tí olùtọ́jú yóò fi dé.

Ẹsẹ̀ ẹni tó yè lè tutù, kó rọ, kó má lè rìn fún wákàtí mélòó kan; èyí sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Àwọ̀ pupa tó tàn bí ewé igi lè yọ sára, ó sì ń parẹ́ láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìlù etí tó ya, ìrántí tó dàrú àti ọkàn tí kò lù déédéé kì í hàn síta bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó dìde tó ń rìn náà yẹ kó dé ilé ìwòsàn.