Iṣẹ́, ìpamọ́ àti ará ìta: bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú àwòrán ìṣàn dátà

Láràárọ̀ ni alájọ ń jáde pẹ̀lú àpò, bírò àti ìwé gígùn kan. Á ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, á gba ₦500 lọ́wọ́ oníbàárà, á fàmì sí káàdì olójú 31 tó wà lọ́wọ́ ẹni náà, á sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Kí bánkì tó tì, á ti gbé owó ọjọ́ náà lọ síbẹ̀. Bí oṣù bá parí, oníbàárà á wá gba owó rẹ̀, alájọ á sì yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́.

Ká ní ẹnìkan fẹ́ kọ sọ́fítíwíà fún alájọ yìí, àwòrán ìṣàn dátà ni yóò kọ́kọ́ yà. Àwòrán náà ń fi hàn ibi tí dátà ti ń wọlé, ohun tí a ń fi í ṣe, ibi tí a ń tọ́jú rẹ̀ sí àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ. Oríṣi nǹkan mẹ́ta ni ọfà ń so pọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ni ohun tó ń gba dátà tó sì ń sọ ọ́ di òmíràn. Òbìrìkìtì la máa ń fi yà á. Ìpamọ́ ni ibi tí dátà ń sùn sí títí a ó fi tún nílò rẹ̀. Ìlà méjì tó sùn, tí ọ̀kan wà lókè èkejì tí wọn kò sì kan ara wọn, la fi ń yà á. Ará ìta ni ẹni tàbí iléeṣẹ́ tó ń fún ètò wa ní dátà tàbí tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ tí a kò ní àṣẹ lórí ohun tó ń ṣe nílé tirẹ̀. Àpótí onígun mẹ́rin la fi ń yà á. Ìlànà mìíràn wà tó ń fi àpótí tí igun rẹ̀ ká yà iṣẹ́. Èyí tó bá wuni ni kéèyàn lò, kó má ṣáà ti pa méjèèjì pọ̀ lójú ìwé kan.

Owó gan-an ló kọ́kọ́ ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Wọ́n á ya àpò alájọ bí ìpamọ́, nítorí pé owó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n náírà kì í ṣàn nínú àwòrán yìí. Ọ̀rọ̀ nípa náírà ló ń ṣàn: iye tí wọ́n dá, ọjọ́ tí wọ́n dá a, ẹni tó dá a. Àpò kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, torí náà kò sí níbẹ̀ rárá. Ìwé alájọ ló ní ọ̀rọ̀, òun ni ìpamọ́. Káàdì ńkọ́? Ọwọ́ oníbàárà ló ń gbé, kò sí nínú ilé wa, a kò sì lè ṣí i wò nígbà tó bá wù wá. Àmì tí a fà sí i ni dátà tó jáde lọ bá oníbàárà, ọfà nìyẹn.

Ìpele àkọ́kọ́ kò ní ju òbìrìkìtì kan lọ, tí a kọ “Ètò àjọ” sí nínú. A kì í ya ìpamọ́ síbẹ̀, nítorí pé inú òbìrìkìtì náà ni gbogbo ìwé wa wà. Ará ìta méjì ló yí i ká: Oníbàárà àti Bánkì. Láti ọ̀dọ̀ Oníbàárà, ọfà mẹ́ta wọlé: àlàyé ìforúkọsílẹ̀, iye owó ojúmọ́, àti ìbéèrè láti gba owó. Méjì jáde padà sọ́dọ̀ rẹ̀: àmì káàdì àti àlàyé owó oṣù. Ìwé tẹ́là jáde lọ sí Bánkì, ẹ̀rí pé owó ti wọlé sì padà wá. Ọfà méje ni gbogbo rẹ̀.

Bánkì ní ìwé tirẹ̀ níbi tí owó wa wà, ó sì lè dà bíi pé ìpamọ́ ló yẹ kó jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alájọ kò lè pinnu bí bánkì yóò ṣe to ìwé rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó béèrè, kó sì gba èsì. Ìyẹn ló sọ ọ́ di ará ìta.

Ọmọ iṣẹ́ tí alájọ ń rán lọ gba owó lọ́jà ló ń fa àríyànjiyàn jù. Ọ̀pọ̀ á fi í sínú àpótí bí ará ìta, nítorí pé èèyàn ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń gba owó tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ètò náà ló ń ṣe, inú òbìrìkìtì ló wà, a kì í sì í ya òṣìṣẹ́ lọ́tọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ yìí kan náà bá tún ń dá ₦500 tirẹ̀ lójoojúmọ́, ní ti àjọ rẹ̀ yìí, Oníbàárà ni. Ipa tí ẹnìkan ń kó là ń yà, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Ní ìpele kejì, a ṣí òbìrìkìtì ńlá náà, iṣẹ́ mẹ́rin sì jáde: 1 Forúkọ oníbàárà sílẹ̀, 2 Kọ owó ojúmọ́ sílẹ̀, 3 Ṣírò owó oṣù, 4 Fi owó ránṣẹ́ sí bánkì. Orúkọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a ń ṣe. Ẹni tó bá kọ “Káàdì” sínú òbìrìkìtì, nǹkan ló dárúkọ, kò dárúkọ iṣẹ́. Ibí ni ìpamọ́ ti fara hàn: D1 Àwọn oníbàárà, D2 Àwọn owó ojúmọ́. Iṣẹ́ 1 ń kọ sínú D1. Iṣẹ́ 2 ń wo D1 kó lè mọ iye tí ẹni náà ń dá, ó sì ń kọ sínú D2. Iṣẹ́ 4 ń kó àpapọ̀ ọjọ́ kan láti D2, ó sì ń padà sàmì síbẹ̀ bí ẹ̀rí bánkì bá dé. Ọfà méje ti òkè gbọ́dọ̀ pé síbí, kò gbọ́dọ̀ dín, kò sì gbọ́dọ̀ lé. Ọfà kan kò sì lè ti ọ̀dọ̀ Oníbàárà bọ́ tààrà sínú D2, nítorí pé kò sí alájọ tó ń gbé ìwé rẹ̀ fún oníbàárà kọ. Iṣẹ́ kan ní láti wà láàárín wọn.

Iṣẹ́ 3 ló dára láti fi dán àwòrán wò. Ká ní oníbàárà tó ń dá ₦500 pa ọjọ́ márùn-ún jẹ nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31. Ọjọ́ 26 ló dá, ìyẹn ₦13,000. Bí a bá yọ ₦500 alájọ, ₦12,500 ni yóò gbà. Láti ṣe ìṣirò yìí, iṣẹ́ 3 nílò iye owó ojúmọ́ láti D1 àti iye ọjọ́ tó dá láti D2. Bí ẹni tó ya àwòrán bá fa ọfà láti D1 nìkan, ₦15,000 ni èsì yóò máa jẹ́, bí ẹni pé kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dá. Ohun tó ń wọlé kò tó láti bí ohun tó ń jáde, a sì lè rí i lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù kankan.

Ẹ tún wo iṣẹ́ 3 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti ṣírò, ó ti sọ iye fún Oníbàárà, kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí oníbàárà náà bá padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìbéèrè kan náà, D1 àti D2 yóò tún fún un ní ₦12,500 mìíràn. Ìpamọ́ kan ló sọnù: D3 Àwọn owó tí a ti san, tí iṣẹ́ 3 yóò máa wò kó tó ṣírò, tí yóò sì máa kọ sí lẹ́yìn tó bá ti san. Nígbà tí a bá fi D3 kún un, àwòrán ìpele àkọ́kọ́ kò yí padà rárá, nítorí pé Oníbàárà kò rí ìwé náà, kò sì ní ọfà tuntun kankan.