Kì í ṣe iná ló ń jẹ fítámì inú mílíìkì

Ìyá kan tó ń ta mílíìkì tútù n'Ìbàdàn pè mí láìpẹ́ yìí. Àwọn oníbàárà ń dá ìgò padà fún wọn, wọ́n ní mílíìkì náà ń rùn bí ìyẹ́ adìẹ tí iná rà. "Àǹtí, àbí mo ti ń sè é jù ni?" Mo bi wọ́n bóyá ó kan. Wọ́n ní kò kan rárá. Mo wá bi wọ́n pé ìgò wo gan-an ni wọ́n ń dá padà, èyí tó wà nínú fíríìjì ni àbí èyí tó wà níta. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní èyí tó wà níta ni, èyí tí wọ́n ń tò sínú ọpọ́n yìnyín síwájú ṣọ́ọ̀bù láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìgò tó mọ́ gaara ni gbogbo wọn.

Yìnyín ń dá kòkòrò dúró, àmọ́ kì í dá ìmọ́lẹ̀ dúró.

Iná ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù nípa mílíìkì. Lóòótọ́, iná ń dín fítámì C àti B1 kù. Ṣùgbọ́n fítámì A, fítámì D àti ráíbófíléfììn, ìyẹn B2, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá iná lọ. Mílíìkì tí wọ́n mú gbóná dé 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15 láti pa kòkòrò kò pàdánù ohun tó tó nǹkan nínú àwọn mẹ́ta yìí. Kódà èyí tí wọ́n ń mú gbóná ju 135°C lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú páálí, kò pàdánù púpọ̀. Torí náà, kí ìyá náà máa sè é lọ. Àìsè rẹ̀ léwu ju sísè lọ.

Ráíbófíléfììn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mílíìkì wà lára ibi tí a ti ń rí i jù, òun sì ni tó bá dín kù lára, ẹ̀gbẹ́ ẹnu á máa là. Ó ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọ̀ yẹ́lò tó fà sí àwọ̀ ewé. Àwọ̀ yẹn ló ń kó bá a, torí ó ń jẹ́ kó gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, pàápàá ìmọ́lẹ̀ búlúù, agbára ìmọ́lẹ̀ náà á sì fọ́ ọ. Bí ẹ bá gbé mílíìkì sínú ìgò gaara sójú oòrùn fún wákàtí méjì, ìdajì ráíbófíléfììn inú rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ti lọ.

Kì í sì í dá lọ. Kó tó fọ́, ó ń gbé agbára tó gbà fún ọ́síjìn tó wà nínú mílíìkì, ọ́síjìn náà á wá di oníjàgídíjàgan. Á kọlu fítámì A, á kọlu ọ̀rá, á sì kọlu èròjà kan nínú amúaradàgbà tó ní imí-ọjọ́ nínú. Irun àti ìyẹ́ náà ní imí-ọjọ́, ìdí nìyẹn tí òórùn méjèèjì fi jọra. Bó bá pẹ́ sí i, òórùn náà á kúrò ní ti ìyẹ́, á di bíi ti páálí tó rẹ sómi. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé imú máa ń tètè gbọ́ ọ, kí èyí tó pọ̀ nínú fítámì tó lọ. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn yẹn ṣì lè gba ìyókù là.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí ráíbófíléfììn yìí. Nígbà tí àwọn Fúlàní bá fi ewé bomubomu mú wàrà dì, omi tó ṣẹ́kù máa ń yẹ́lò, ó sì máa ń fà sí àwọ̀ ewé díẹ̀. Òun gan-an nìyẹn. Inú omi ló ń yọ́ sí, nítorí náà ẹni tó da omi wàrà nù ti da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nù, nígbà tí fítámì A, tó ń bá ọ̀rá rìn, dúró sínú wàrà. Ẹ sẹ́ omi náà dáadáa, ẹ pín in sínú ife gaara méjì, ẹ gbé ọ̀kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ gbé èkejì sóòrùn di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò sí méjèèjì nínú òkùnkùn. Èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù á máa tàn bí àwọ̀ ewé tútù. Títàn ti èkejì á ti relẹ̀.

Ní ti fítámì A, ọ̀rá inú mílíìkì ni ilé rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá ti yọ ọ̀rá kúrò, fítámì A àti ìwọ̀nba fítámì D tó wà níbẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dá wọn padà sínú mílíìkì tí kò lọ́ràá àti èyí tí wọ́n fi òróró ẹ̀fọ́ rọ́pò ọ̀rá rẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n dá padà sínú mílíìkì aláìlọ́ràá kò ní ọ̀rá tó máa bò ó, ìmọ́lẹ̀ sì ń tètè rí i mú ju ti inú mílíìkì ọlọ́ràá lọ. Iná funfun inú fíríìjì onígíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà tó láti bà á jẹ́, bó bá ń tàn sí i tọ̀sán-tòru. Bó bá jẹ́ mílíìkì aláìlọ́ràá lẹ fẹ́, ẹ mú èyí tó wà nínú páálí tàbí ike tí ẹ ò lè rí inú rẹ̀.

Fítámì D ló le jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wíwọ̀n rẹ̀ ni ìṣòro. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń fi kún mílíìkì nítorí àrùn tó ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọdé wọ́. Máíkírógíráàmù 10 péré ló yẹ kó wà nínú nǹkan bíi lítà kan. Gíráàmù kan ṣoṣo tó fún nǹkan bíi lítà 100,000. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lọ́dún 1991, wọ́n rí mílíìkì ilé iṣẹ́ kan tí tirẹ̀ ju ìlọ́po 500 iye yẹn lọ. Àwọn tó ń mu ún dèrò ọsibítù nítorí kálíṣíọ̀mù tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da oògùn fítámì sínú mílíìkì tó ń tà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ àti yàrá àyẹ̀wò ni.

Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ń kọ́? Nítorí pé ó gbẹ, ìmọ́lẹ̀ kì í tètè bà á jẹ́ bíi ti olómi. Afẹ́fẹ́ àti ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Nínú agolo, àwọn ilé iṣẹ́ sábà máa ń lé afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á fi náítírójìn rọ́pò rẹ̀, wọ́n á tún fi fítámì A lé díẹ̀ lórí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé díẹ̀ á lọ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa mu ún. Bí wọ́n bá wá tú u tà ní wíwọ̀n sínú náílọ̀n gaara, tí wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ìṣirò ilé iṣẹ́ ti dà rú. Ọ̀rá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí òróró tó ti pẹ́, fítámì A á sì máa lọ. Bí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ ra èyí tí ẹ máa lò tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ dà á sínú agolo tó ní ìdérí tó dì.

Ní ti ìyá tó pè mí, a ò fọwọ́ kan bí wọ́n ṣe ń sè é. Wọ́n kó ìgò kúrò nínú ọpọ́n, wọ́n kó o sínú kúlà tó ní ìdérí, wọ́n sì gbé ìgò òfìfo méjì síta kí èèyàn lè mọ ohun tí wọ́n ń tà. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kẹrin. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó dá ìgò padà mọ́.