Ibi tí ìwé alága ti ṣẹ̀ wá

Àjẹ́ńdà tí alága tó mọṣẹ́ ń gbé síwájú ara rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí akọ̀wé pín fún àwọn tó jókòó. Tàwọn ọmọ ìpàdé kò ju orúkọ àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ, bóyá ìlà mẹ́fà tàbí méje. Ti alága ní àlàyé lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní apá òsì, àyè òfìfo tó fẹ̀ sì wà ní apá ọ̀tún. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ akọ̀wé ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n sí àjẹ́ńdà alága. Ìwé alága la ó máa pè é níbí. Inú àyè òfìfo yẹn ni míníìtì ti ń di kíkọ nígbà tí ìpàdé ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Orúkọ méjèèjì ti sọ iṣẹ́ wọn. Ní èdè Látìn, àjẹ́ńdà ni àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe. Míníìtì kò sì bá ìṣẹ́jú aago tan níbí: ohun tí a fi ọwọ́ kéékèèké kọ ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ wéréwéré tí akọ̀wé yóò padà dà kọ dáadáa. Ìwé alága ló so ohun tí a fẹ́ ṣe àti ohun tí a ti ṣe pọ̀ sójú ìwé kan.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì bá ṣeé ṣe bí míníìtì bá gbọ́dọ̀ gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwé àkọsílẹ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti 1547. Ní oṣù Kẹrin 1628, ilé náà pinnu pé akọ̀wé kò ní àṣẹ láti kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ sínú ìwé. Ọba Charles Kìíní ló wà lórí oyè, ọ̀rọ̀ ẹnu aṣòfin sì lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ọdún kejì ni wọ́n ti John Eliot, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin náà, mọ́lé. Láti ìgbà yẹn ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí ìpàdé ṣe ni míníìtì ń kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ. Kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tí ènìyàn ogún yóò sọ lọ́la, àmọ́ a mọ àbá tí a fẹ́ gbé síwájú wọn. Ohun tí a mọ̀ ṣáájú ṣeé kọ sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹni tó gbé ìwé ìrànlọ́wọ́ alága tirẹ̀ sápò ni Henry Martyn Robert, ọ̀gá ológun tó jẹ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà. Ní 1863, wọ́n ní kó ṣe alága ìpàdé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi ní ìlú New Bedford. Kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, ìpàdé náà sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ìwé kà, ó da ìlànà díẹ̀ kọ sórí ìwé pélébé kan nípa àbá tó gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì, ó sì fi í sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí San Francisco, ó rí i pé àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìlànà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú sì gbà pé tòun ló tọ́. Ìwé pélébé yẹn dàgbà di ìwé olójú-ewé 176, tó jáde ní oṣù Kejì 1876. Òun fúnra rẹ̀ ló san owó ẹ̀dà 4,000 tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀.

Ní tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, òfin ilé-iṣẹ́ ló fún ìwé alága lágbára. Òfin 1862 ní kí gbogbo kọ́ńpìnnì máa kọ ìpinnu ìpàdé sínú ìwé, àti pé míníìtì tí alága bá ti buwọ́ lù di ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Nàìjíríà gba irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1912. Nígbà tí ìbuwọ́lù alága ti di ẹ̀rí, ó tọ́ kí òun náà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tí yóò fi wé ti akọ̀wé kó tó ti bírò bọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìpàdé ẹgbẹ́ onílé kan ṣe àpẹẹrẹ: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí márùn-ún ààbọ̀. Aago gan-an ni ká kọ sí etí ìwé, kì í ṣe iye ìṣẹ́jú. "Ìṣẹ́jú 20" yóò mú kí alága máa ṣírò nígbà tó yẹ kó máa gbọ́rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá rí "4:25 sí 4:45", ojú lásán ló máa fi mọ̀. Kí àpapọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ má ju ìṣẹ́jú 75 lọ nínú 90, nítorí ọ̀rọ̀ kan yóò ṣáà fa gùn.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni gẹ́ètì ẹnu ọ̀nà. Apá òsì yóò ní ohun tí alága nílò: wẹ́dà méjì ló mú iye wá, ọ̀kan ₦480,000, èkejì ₦545,000, akápò ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Apá ọ̀tún yóò kà báyìí:

"Àbá: pé kí ẹgbẹ́ gbé iṣẹ́ gẹ́ètì fún ______ ní ₦______, kí a yọ owó náà láti inú ______. Ẹni tó dá àbá: ______. Ẹni tó kín in lẹ́yìn: ______. Iye tó fọwọ́ sí i: ___. Iye tó kọ̀: ___. Ẹni tí yóò ṣe é: ______. Ọjọ́ ìjábọ̀: ______."

Kí ìlà mẹ́ta ṣófo wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí wẹ́dà kọ́kọ́ gba ìdajì owó, tí wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀, alága yóò kọ ọ́ síbẹ̀, yóò ka àbá náà sókè bó ṣe wà báyìí, kó tó ní kí wọ́n nawọ́. Kíkà sókè yìí ni ọ̀pọ̀ alága ń fò, ìdí sì nìyẹn tí àríyànjiyàn fi ń bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e: oníkálukú dìbò fún àbá tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dìbò, akọ̀wé kàn nílò láti da ohun tó wà nínú àyè náà kọ sínú ìwé míníìtì. Ìpínrọ̀ kan ti parí nìyẹn.

Ohun tó sábà ń ba ìwé alága jẹ́ ni kíkọ orúkọ ọ̀rọ̀ láìkọ ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀. "Ààbò àdúgbò" kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè dìbò lé lórí, ó sì lè gba ogójì ìṣẹ́jú kí ó má bí ìpinnu kankan. Apá ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀: bí alága àti akọ̀wé bá jókòó ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìpàdé tí wọn kò lè kọ àbá náà ní gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ náà kò tíì pọ́n. Kí wọ́n kọ "ìjábọ̀" sí i, kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí kí wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ kékeré.

Èkejì ni "àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn" tó máa ń wà nísàlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ló yẹ kí alága béèrè ẹni tó ní ọ̀rọ̀ mìíràn, kó kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kó tó tilẹ̀kùn rẹ̀. Èyí tó bá la owó lọ, kí ó dúró de ìpàdé tó ń bọ̀, torí àwọn tí kò wá kò gbọ́ pé a ó ná owó wọn.

Ààlà kan wà tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Àbá la lè kọ ṣáájú. Èsì ìbò, orúkọ ẹni tó dá a àti ti ẹni tó kín in lẹ́yìn kò gbọdọ̀ wà nínú ìwé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ti fi táípù tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ayédèrú ti wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ náà ó padà rí bẹ́ẹ̀. Bírò la fi ń kún un, lójú gbogbo ènìyàn. Kí alága sì fi ìwé náà pamọ́ títí ìpàdé kejì fi gba míníìtì wọlé tó sì buwọ́ lù ú, nítorí bí ẹnì kan bá ní iye tí a pinnu kọ́ nìyí, ìwé yẹn la ó kọ́kọ́ ṣí.