Ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́ ló mọ dírìbù jù

Ọ̀pọ̀ ètò ìkọ́ni lórí dírìbù ló ń kọ èròńgbà kan náà: “Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ bí a ṣe ń dírìbù.” Tí o bá wo apá ìgbéléwọ̀n, wàá rí i pé àwọn ọmọ yóò gbé bọ́ọ̀lù gba àárín kóònù kọjá, olùkọ́ yóò sì fi aago wò wọ́n. Ẹni tó bá yára jù ni wọ́n gbà pé ó mọ̀ ọ́n jù. Ó ń bí mi nínú, nítorí àwọn ọmọ ló ń jìyà rẹ̀.

Bí o bá ní kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bọ́ọ̀lù yára, ṣe ni yóò gbá bọ́ọ̀lù síwájú, tí yóò wá máa sá tẹ̀ lé e. Ó lè tipa bẹ́ẹ̀ gba ipò kìíní, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì kan bọ́ọ̀lù ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Jẹ́ kí ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀, bọ́ọ̀lù ti lọ nìyẹn. Ohun tí dírìbù ń béèrè ni kí bọ́ọ̀lù wà nítòsí ẹsẹ̀, kí ọmọ lè dá a dúró tàbí yí i padà nígbà tó bá fẹ́. Aago kò lè rí ìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí ojú lè rí ni kí èròńgbà sọ. Fún píríọ́dù ìṣẹ́jú 40, mo máa kọ ọ́ báyìí: “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé bọ́ọ̀lù gba àárín kóònù 5 tí ó fi mítà 2 jìnnà síra, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kan bọ́ọ̀lù ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì láàrin kóònù kan sí èkejì, yóò sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ dá a dúró nígbà tí fèrè bá dún.” Àlàfo 4 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀lù tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Pín àwọn ọmọ sí méjì-méjì, bọ́ọ̀lù kan fún méjì; bí ẹnì kan ṣe ń gbé e lọ, èkejì á máa kà. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tó ń lé e kò ní pé mẹ́jọ, ẹnìkejì rẹ̀ á sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan á fẹ́ fi gbígbé ojú sókè àti títan alátakò jẹ kún un. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé píríọ́dù kan lè gba gbogbo ìyẹn. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì lè kúrò lára bọ́ọ̀lù kò lè wo alátakò. Ó ṣeé ṣe kí aago wúlò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ẹyọ kan fún gbogbo kíláàsì, má kọ ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ yẹn sílẹ̀ rárá, torí orí ìlà ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dúró sí títí agogo yóò fi lù.